Lẹ́tà Ọjọ́ Kẹjọ: Bí A Ṣe Ń Béèrè Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ìwé Ìwáṣẹ́ Wa Dé

Bí òbí bá rán ọmọ níṣẹ́ sí ilé ẹlòmíràn, tí ọmọ náà sì padà dé, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o bá wọn nílé?" Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó béèrè ohun tí wọ́n wí. Bí ọmọ náà kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, kò sí èsì tí ènìyàn lè máa retí. Ètò yìí gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ tẹ̀ lé nígbà tí ó bá ń kọ lẹ́tà àtẹ̀lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ó ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ni lẹ́tà náà wà fún: ṣé ìwé mi dé ọwọ́ yín, àti pé ìgbà wo ni kí n máa retí èsì? Akọ̀wé ọ́fíìsì lè dáhùn méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ó gbà mí?", ìdáhùn rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ akọ̀wé, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá sì lè má tíì mọ̀ ọ́n. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nílẹ̀ láìní èsì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tọ ọ̀rọ̀ náà ní ìlú Kàbà, ní ilẹ̀ Owé. Ká ní ọmọbìnrin kan tí ó gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, tí ó sì ti parí ìsìnlùú, gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan nílùú náà ń wá olùkọ́ Yorùbá. Ó mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2026. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Lọ́kọ́ja ti ní àwọn fẹ́ gbà á, kí ó sì dá àwọn lóhùn kí ó tó di ọjọ́ 22. Ti Kàbà ni ó wù ú jù, nítorí pé ilé àwọn òbí rẹ̀ ni yóò máa gbé, kò ní wá owó ilé. Bí ó bá kọ ti Lọ́kọ́ja nítorí ti Kàbà, ti Kàbà náà lè má bọ́ sí i. Bí ó bá sì sáré gba ti Lọ́kọ́ja, ó lè ti san owó ilé ọdún kan kí Kàbà tó pè é. Ohun tí ó nílò báyìí ni láti mọ ìgbà tí Kàbà yóò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ wo wá ni kí ó kọ lẹ́tà náà? Nínú ìṣírò Yorùbá, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni a fi ń ṣe ìkíní. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé fi ń gba orúkọ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, tí a sì ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ kẹjọ. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá sọ fún un ní ọjọ́ tí ó fi ìwé sílẹ̀ pé, "Ẹ padà wá ní òní ọjọ́ mẹ́jọ," ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11, ni ó ń wí. Bí ó bá fi ọjọ́ mẹ́jọ kún ọjọ́ 4, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12, ni yóò tó dé, wọn yóò sì ti retí rẹ̀ títí ní àná.

Ìpolówó tí ọmọbìnrin yìí rí kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò dáwọ́ gbígba ìwé dúró, nítorí náà ọjọ́ tí ó fi ìwé sílẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìṣírò. Ká ní ìpolówó náà sọ pé gbígba ìwé yóò parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8, ibẹ̀ ni ìbá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ìbá sì di ti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í tú fáìlì wò títí àkókò gbígba ìwé yóò fi kọjá. Lẹ́tà tí ó bá dé ṣáájú ìgbà náà yóò bá gbogbo ìwé nínú ìdì, kò sì sí ẹni tí yóò rí ìdáhùn fún un.

Kí ó tó mú bírò, kí ó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí pé ìwé àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ mú ìwé lọ yẹ kí ó mú ẹ̀dà kejì dání, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó kọ déètì, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà yìí ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ímeèlì ránṣẹ́ yẹ kí ó wo Sent, kí ó sì fi àdírẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ wé ti inú ìpolówó ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń lo Gmail, tí iṣẹ́ kan sì ti wọlé láti ọ̀dọ̀ Mail Delivery Subsystem, ìyẹn ni pé ìwé náà kò dé ibi tí a rán an. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò lẹ́tà àtẹ̀lé rárá. Ìwé ìwáṣẹ́ náà ni kí ó tún fi ránṣẹ́ kíákíá sí àdírẹ́sì tí ó tọ́. Bí kò bá sí ìṣòro kankan, orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí ó ti kọ lẹ́tà àtẹ̀lé, kí ẹni tí yóò kà á lè rí ti tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà retí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò kan náà ni kí ó tẹ̀ lé. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni: àdírẹ́sì akọ̀wé àti déètì lókè lápá ọ̀tún, àdírẹ́sì agbàlẹ́tà lápá òsì, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ báyìí:

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,

ÌBÉÈRÈ LÓRÍ ÌWÉ ÌWÁṢẸ́ FÚN IPÒ OLÙKỌ́ YORÙBÁ

Mo kí yín, Ọ̀gá. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2026, mo fi ìwé ìwáṣẹ́ fún ipò olùkọ́ Yorùbá sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. Ẹ̀dà tí a lu òǹtẹ̀ sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè bóyá ìwé náà pé lọ́wọ́ yín, àti àkókò tí ẹ ní lọ́kàn láti pe àwọn ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ní kí n dá àwọn lóhùn kí ó tó di ọjọ́ 22 oṣù yìí. Iṣẹ́ ti ọ̀dọ̀ yín ni ó wù mí jù, ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Mo dúpẹ́ fún àkókò yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Orúkọ rẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wà fún akọ̀wé tí yóò wá fáìlì, nítorí pé ipò àti déètì ni yóò fi mọ ìdì tí yóò tú. Ìpínrọ̀ kejì ni ìbéèrè méjèèjì. Ìpínrọ̀ kẹta ni ó gba ìṣọ́ra. Kí ènìyàn má ṣe kọ ọ́ bí kò bá jẹ́ òtítọ́, nítorí pé wọ́n lè bi í léèrè nípa rẹ̀ ní ojúkojú. Kí ó má sì dà bí ìhàlẹ̀: ó sọ ọjọ́, ó sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ó dákẹ́. Kò sí ìdí láti dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kejì tàbí iye owó tí wọ́n fẹ́ san.

Ohun tí a kò fi sínú lẹ́tà náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. A kò kọ ọ́ pé òun ni àkọ́bí, pé àwọn àbúrò òun ń retí owó, tàbí pé bàbá òun àti ọ̀gá náà jọ kàwé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ máa ń fi agbàlẹ́tà sínú ìṣòro, nítorí pé bí ó bá dáhùn, yóò dà bí ẹni pé ó ti ṣèlérí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti mọ ara wọn. Ọmọbìnrin náà lè bá ọ̀gá yìí pàdé ní ìsìn ọjọ́ Àìkú. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó kí i ní "Òkun o" bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Òkun ṣe ń kí àgbà, kí ó sì máa lọ. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, fáìlì kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá, àwọn ẹlòmíràn sì wà nítòsí tí wọ́n ń gbọ́.

Lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ìwé pé, kí wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Ìgbà náà ni yóò mọ̀ bóyá ọjọ́ ọ̀hún ṣáájú ọjọ́ 22. Wọ́n lè sọ pé àwọn kò rí ìwé rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó mú ẹ̀dà mìíràn lọ ní ọjọ́ kan náà láìbínú, nítorí pé bí kò bá béèrè ni, kì bá tí mọ̀ láé. Wọ́n sì lè dákẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, kí ó dúró títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, kí ó pe ọ́fíìsì lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì, kí ó sì tún béèrè ìbéèrè méjì náà. Kí ó má fi Wásáàpù ránṣẹ́ lálẹ́, kí ó má sì kọ lẹ́tà kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èsì ránṣẹ́ pé kí ó san owó kí fáìlì rẹ̀ tó lè kúrò níbi tí ó wà, gbájúẹ̀ ni. Kí ó lọ bá ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀.

Irú lẹ́tà yìí kò wúlò níbi gbogbo. Fún iṣẹ́ ìjọba tí a forúkọ sílẹ̀ fún lórí ẹ̀rọ ayélujára, lẹ́tà ẹnìkan kì í sábà rí ẹni tí yóò dá a lóhùn láàárín àìmọye ìwé. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún ènìyàn ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni yóò fi máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé, nítorí náà kí ó tẹ ojú ìwé náà jáde, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn kékeré àti ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń ka ìwé fúnra rẹ̀ ni lẹ́tà ọjọ́ kẹjọ ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ pàápàá, kò lè yí ìpinnu padà. Bí ó bá di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, tí Kàbà kò tíì sọ nǹkan kan, kí ọmọbìnrin náà dá Lọ́kọ́ja lóhùn pé òun ń bọ̀.