Ètò ìṣirò tó ń ju ṣẹ́ńjì nù: ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jáwọ́ nínú ìròpọ̀ lásán

Ní oṣù Kìíní ọdún 1982, ọjà ìpín ìdókoòwò ìlú Vancouver lórílẹ̀-èdè Canada bẹ̀rẹ̀ atọ́ka tuntun kan láti orí 1000. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 1983, atọ́ka náà ti já wálẹ̀ sí 524.811. Ọjà kò bàjẹ́ o. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò, 1098.892 ló yẹ kó wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún atọ́ka náà ṣe, ó ń gé ohun tó bá kọjá díjíìtì mẹ́ta lẹ́yìn póíǹtì dànù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló sì ń ṣe é lóòjọ́.

Irú àdánù yìí ṣì ń ṣẹlẹ̀ títí dòní nínú ètò tó bá ń ro nọ́ńbà kéékèèké pọ̀. Ìdí ni pé iye díjíìtì tí kọ̀ǹpútà lè fi pa nọ́ńbà kan mọ́ ní òdiwọ̀n. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní float32 kò lè pa mọ́ ju nǹkan bíi díjíìtì méje lọ. Póíǹtì rẹ̀ lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn, àmọ́ iye díjíìtì náà kì í pọ̀ sí i. Bí àpapọ̀ bá ti wá tóbi, kò ní sí àyè mọ́ fún ìdá kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń fi float32 ka lítà omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní kété tó bá dé 16,777,216 ló máa dúró gbagidi. Omi á máa ṣàn, nọ́ńbà kò ní yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà kékeré kan tó mọ díjíìtì mẹ́rin péré wò ó. 1000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fẹ́ fi 0.4 kún un lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó yẹ kó jẹ́ 1002. Ṣùgbọ́n 1000.4 kò gba inú díjíìtì mẹ́rin, nítorí náà ó padà sí 1000. Bó ṣe máa rí nìyẹn nígbà kejì, títí dé ìgbà karùn-ún. Gbogbo 0.4 ló ṣòfò.

Ọdún 1965 ni onímọ̀ ìṣirò ọmọ Canada, William Kahan, tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ohun tó sọ kò ju pé kí ètò máa kọ ṣẹ́ńjì tí kò rí san sílẹ̀, kó sì san án nígbà tó bá kàn. Nínú ìlà mẹ́rin yìí, s ni àpapọ̀, x ni nọ́ńbà tuntun, c sì ni àkọsílẹ̀ ṣẹ́ńjì, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0:

```
y = x - c
t = s + y
c = (t - s) - y
s = t
```

Ní ìgbà àkọ́kọ́, àpapọ̀ ṣì jẹ́ 1000, ṣùgbọ́n c ti di -0.4, ìyẹn gbèsè tí wọn kò tíì san. Ní ìgbà kejì, gbèsè náà mú kí 0.4 tuntun di 0.8. Àpapọ̀ wá di 1001, torí 1000.8 súnmọ́ ọn jù. Èyí ti fi 0.2 lé, c sì di 0.2 kí wọ́n lè yọ ọ́ padà. Ìgbà kẹta kò yí 1001 padà, c di -0.2. Ìgbà kẹrin gbé e dé 1002, c di 0.4. Ní ìgbà karùn-ún, 0.4 tuntun bá èyí pa ara wọn rẹ́, 1002 gan-an ló kù.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n kúkú lo float64, tó ń pa nǹkan bíi díjíìtì 15 mọ́. Òótọ́ ni pé ó dára jù, àmọ́ ṣe ló kàn sún ìṣòro náà síwájú. Ní ti owó, kọ́bọ̀ tàbí sẹ́ǹtì odindi ló yẹ kí wọ́n máa kà. Ìwọ̀n òjò, iná àti omi ni ọ̀nà Kahan wúlò fún jù.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí nọ́ńbà tuntun bá tóbi ju àpapọ̀ lọ, ó lè kùnà. Àtúnṣe tí Neumaier ṣe sí i ló bójú tó ìyẹn. Ewu mìíràn ni àṣẹ -ffast-math. Àṣẹ yìí gba kọ̀ǹpáílà láàyè láti máa wo ìlà kẹta bí ìṣirò inú ìwé, níbi tí èsì rẹ̀ ti máa ń jẹ́ 0, kó sì pa á rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ètò tirẹ̀ wò lè ro àwọn nọ́ńbà kan náà pọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, nǹkan ń jò. Láti Python 3.12, sum() fúnra rẹ̀ ti ń kọ ṣẹ́ńjì sílẹ̀ fún irú nọ́ńbà yìí. Ẹni tó ń lo èdè tí kò ní irú rẹ̀ kò ní àwíjàre: ìlà mẹ́rin péré ni.