Ta Ni Beloved? Àlàfo Inú Ìtàn Toni Morrison àti Ohun Tí Òǹkàwé Fi Ń Dí I

Ní ọdún 1987 ni Toni Morrison, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Beloved jáde. Àyànfẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé náà ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Ìyá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sethe sá kúrò lóko ẹrú ní Kẹntọ́kì lọ sí Òháyò. Nígbà tí olówó rẹ̀ wá láti kó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà, ó fi ayùn gé ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde láti inú omi, ó wá jókòó sórí kùkùté igi nítòsí ilé Sethe. Orúkọ tí ó pe ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fín sára òkúta ibojì ọmọ náà. Ta ni ọmọbìnrin yìí? Ìwé náà kò sọ ọ́ ní pàtó títí ó fi parí. Òǹkàwé ni yóò sọ ọ́.

Irú àyè báyìí ni Wolfgang Iser, lámèyítọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pè ní àlàfo nínú ìwé tí ó kọ nípa ìwé kíkà ní ọdún 1976. Lójú tirẹ̀, àlàfo kì í ṣe àṣìṣe òǹkọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ti ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́, tí ó ń fi ìmọ̀ àti ìrírí tirẹ̀ so ohun tí a sọ mọ́ ohun tí a kò sọ. Ṣùgbọ́n àlàfo kì í ṣe pápá tí ẹnikẹ́ni lè ti da ohun tí ó bá wù ú. Ó jọ àlọ́ àpamọ̀: apàlọ́ fi ìdáhùn pamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni ó pààlà fún ohun tí a lè fi dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìdáhùn kan ni àlọ́ sábà máa ń ní, nígbà tí ìtàn àròsọ lè gba ju ẹyọ kan lọ.

Bí Morrison ṣe sọ ìtàn ikú ọmọ náà ti tó ẹ̀rí. Ojú àwọn òyìnbó mẹ́rin tí wọ́n gun ẹṣin wá ni a kọ́kọ́ fi rí i: olówó ẹrú tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan, ọdẹ ẹrú kan, àti olórí ọlọ́pàá. Àdánù ọjà ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lójú Tíṣà. Nígbà tí ó sì kan Sethe fúnra rẹ̀ láti ṣàlàyé fún Paul D, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ńṣe ni ó ń yí ilé ìdáná po, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ń yí po, tí kò sì kan ojú abẹ níkòó. Òǹkàwé tí ó ń dúró kí ẹnìkan bá òun dá ẹjọ́ náà yóò dúró títí.

Òǹkàwé tí a bí nílẹ̀ Yorùbá kì í pẹ́ kí ó tó dí àlàfo nípa Beloved. Àbíkú ni! Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì kéré. Bí Sethe ṣe fojú kan ọmọbìnrin náà, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó sì ń dà láìdáwọ́ dúró bí omi ìrọbí. Ojú ọmọbìnrin náà ń dán bíi ti ọmọ tuntun, àfi ìlà tín-ín-rín mẹ́ta tí ó wà lóòró níwájú orí rẹ̀. Àpá kan sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sàmì sí òkú àbíkú lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá kò ní ṣàì ronú kàn án. Àwọn lámèyítọ́ náà ti tọ ọ̀nà yìí. Ní ọdún 2002, Chikwenye Okonjo Ogunyemi kọ àròkọ kan tí ó fi ọ̀rọ̀ àbíkú àti ògbáǹje ka Beloved pẹ̀lú Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ.

Ṣùgbọ́n níbo ni ìdáhùn náà kò dé? Àbíkú a máa lọ nítorí pé ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọjọ́ ìpadàlọ. Òun ni ó ń fi ìyá sílẹ̀, ìyá ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró, tí ó ń sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Ti Beloved yàtọ̀ pátápátá. Ìyá ni ó pa á, ọmọ ni ó ń fẹ̀sùn kan ìyá pé ó fi òun sílẹ̀, òun ni kò sì fẹ́ lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju àṣà lásán lọ. Bí a bá pè é ní àbíkú tí a sì dákẹ́ síbẹ̀, ọmọ ni a dá lẹ́bi ikú ara rẹ̀. Ọwọ́ ìyá mọ́, òfin ọdún 1850 tí ó fún olówó ẹrú láyè láti lépa ẹrú rẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ tí kò sí oko ẹrú sì pòórá nínú ìtàn. Bẹ́ẹ̀ òfin yẹn ni ó gbé àwọn ẹlẹ́ṣin náà wá. Lábẹ́ òfin kan náà ni ìyá kan tí ó wà láyé ní tòótọ́, Margaret Garner, ti pa ọmọbìnrin rẹ̀ ní Sinsináátì ní ọdún 1856. Ìtàn rẹ̀ ni ó ta Morrison lólobó.

Àwọn mìíràn dí àlàfo kan náà lọ́nà tí kò ní ẹ̀mí àìrí nínú. Ní ọdún 1990, Elizabeth House sọ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Beloved, ọmọbìnrin tí ìṣòwò ẹrú ti ya nípa sí ìyá tirẹ̀, tí ó sì ṣi Sethe mú fún un. Ìwé náà fún un ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró: Stamp Paid, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn, sọ fún Paul D pé òyìnbó kan ti ọmọbìnrin kan mọ́lé nítòsí Deer Creek, pé wọ́n bá òyìnbó náà ní òkú, ọmọbìnrin náà sì ti lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi ni ó fọ́ Sethe lójú tí ó fi ń sin àlejò bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí náà ní ibi tí kò dé. Báwo ni àlejò ṣe mọ̀ pé Sethe ní yẹtí tí ń dán nígbà kan rí? Ta ni ó kọ́ ọ ní orin tí Sethe fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀?

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Olùkọ́ tí ó fa igi lé àbíkú lórí nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àṣìṣe, nítorí àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí wà nínú ìwé. Èyí tí ó fún un ní máàkì láìbéèrè nǹkan kan ṣe àṣìṣe pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ ni kí kíláàsì dúró lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ọmọbìnrin náà jókòó sórí kùkùté, àti nígbà tí Stamp Paid dárúkọ Deer Creek. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹni tí ó rò pé Beloved jẹ́, ọ̀rọ̀ inú ìwé tí ó mú un rò bẹ́ẹ̀, àti ohun kan tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Ìlà kẹta yìí ni a fi ń mọ ẹni tí ó kàwé yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn rí ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí ìtàn, ọgbọ̀n obìnrin àdúgbò kóra jọ síwájú ilé náà, Beloved sì di àwátì. Kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè mọ́. Ohun tí ó kù ni orúkọ tí òǹkàwé fún un, orúkọ yẹn ni yóò sì sọ ẹni tí òǹkàwé dá lẹ́bi: ọmọ, ìyá, tàbí àwọn tí wọ́n gun ẹṣin wá.