Gbèsè Inú Ìwé Owó Iná

Kí a tó san owó iná, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo mítà. Bí ó bá ka 4,310 lóṣù tó kọjá, tó sì ka 4,430 báyìí, yúníìtì 120 ni a lò. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ náírà 60 fún ìsọ̀rí wa, láti A dé E, ₦7,200 ni. Owó-orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di ₦7,740. Bí ìwé náà bá béèrè ₦19,740, a jẹ́ pé ₦12,000 jẹ́ gbèsè àtẹ̀yìnwá. Ibí yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí: ẹ fi rìsíìtì wé e, nítorí owó tí a san lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé kì í hàn nínú rẹ̀. Ní ti owó oṣooṣù tí a ń san yálà a lo iná tàbí a kò lò ó, àjọ NERC ti fòpin sí i láti ọdún 2016. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé yín, ẹ fi ẹ̀sùn sùn ní iléeṣẹ́ iná.