Ẹ Jẹ́ Ká Ka Àpò Fúláwà: Lẹ́tà sí Alábàáṣòwò Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọ̀rọ̀ ilé búrẹ́dì wa ní Àpáta ni mo bá wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́ lórí fóònù tí ẹ ní kí n ṣe sùúrù, ìdí nìyí tí mo fi wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àdéhùn tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí kò lọ́jú pọ̀. Ẹ mú mílíọ̀nù 6 náírà wá, èmi mú mílíọ̀nù 4. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó yọ ìnáwó kúrò nínú owó ọjà. Nínú 100 náírà èrè, 60 jẹ́ tiyín, 40 jẹ́ tèmi. Ọdún méjì gbáko lẹ fi pa á mọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún yìí títí dé ìparí oṣù kẹfà, ìgbà ìpín méjì ti kọjá, n kò gba kọ́bọ̀, n kò sì rí ìṣirò. Àìrí ìṣirò yẹn ló dùn mí jù. Bí ẹ bá fi ìwé hàn mí pé kò sí èrè, mo lè gbà. Kí ni kí n gbà nígbà tí n kò rí ìwé ìṣirò?

Ẹ ní ọjà kò tà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Fúláwà kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣírò kẹ́yìn, àwa méjèèjì la jọ ka 20 àpò nínú sítóò. Rìsíìtì tí dípò tí a ti ń ra fúláwà fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ 298 àpò. Akọ̀wé sítóò kọ ọ́ pé 8 ló ṣẹ́kù ní ìparí oṣù kẹta. Ó já sí pé a lo 310 àpò. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, àpò kan tó wọn 50 kílò ń fún wa ní nǹkan bí 90 búrẹ́dì ńlá, nítorí omi, ṣúgà àti bọ́tà ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Búrẹ́dì 27,900 ló yẹ kó jáde. Ìwé ọjà tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi sọ pé 22,900 ni a tà.

Mo ti ro ti èyí tó jóná, èyí tó fọ́, àti èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mú lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n fi 1,000 sílẹ̀ fún ìyẹn, ó ti pọ̀ jù. 4,000 búrẹ́dì ṣì sọnù. Ní 1,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 4 náírà nìyẹn. Níwọ̀n bí owó gbogbo fúláwà, ìwúkàrà àti gáàsì tí a fi ṣe wọ́n ti wà nínú ìnáwó, èrè ni gbogbo owó náà, mílíọ̀nù 1 àti 600,000 náírà nínú rẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé wọn fún àwọn tó ń kiri láwìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni orúkọ àwọn ajigbèsè wà? Ní ti oṣù mẹ́ta kejì, ẹ kò fi ojú ewé kan hàn mí, bẹ́ẹ̀ 305 àpò ni dípò tún kó wá.

Ẹ tún ní ààrò tuntun ló jẹ owó náà. Àdéhùn wa sọ pé ohunkóhun tó bá ju 500,000 náírà lọ, àwa méjèèjì ni yóò fọwọ́ sí i. Mílíọ̀nù 3 àti 600,000 ni ààrò yìí, ẹnìkan kò bi mí. Ká tiẹ̀ ní mo fọwọ́ sí i, ààrò kì í ṣe ìyẹ̀fun tó ń tán lóòjọ́. Bí yóò bá lo ọdún 6, 150,000 náírà péré ló kan oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè kó gbogbo rẹ̀ lé ìpín kan lórí, kí ẹ wá ní èrè ti tán.

Owó oṣù tí ẹ ń yọ fún ara yín láti oṣù kejì ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ ń jí ní òru nítorí iṣẹ́ náà. Ká ní ẹ béèrè ni, ǹ bá gbà.

Òfin àjọṣòwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1890, èyí tí ilẹ̀ wa jogún, sọ pé alábàáṣòwò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò tòótọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀, kí ìwé òwò wà níbi iṣẹ́, kí oníkálukú sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dà á kọ. Kò sì fún alábàáṣòwò ní owó oṣù àfi bí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 14, mo fẹ́ rí ìwé ọjà oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwé báǹkì, rìsíìtì ààrò, àti orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ. Bí a kò bá fẹnu kò lórí wọn, ẹ jẹ́ ká jọ yan oníṣirò kan tí kì í ṣe ará ilé yín tàbí tiwa, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti inú òwò jáde.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá dé Àpáta ní aago méje àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ sítóò dání, ká jọ ka àpò tó kù.

Èmi ni,
Àbúrò yín, alábàáṣòwò yín