Owó Tó Wọlé Kọ́ Ni Èrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìpolówó kan ni ó jẹ́ kí òwe yìí yé mi dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta aṣọ àǹkárá ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan, ìpolówó kan dé sórí fóònù wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bá oníṣòwò ṣe ìṣirò owó. Ohun tí ó sọ ni pé: “Ṣé ọwọ́ yín dí? Ẹ gbájú mọ́ ọjà títà, ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún wa. Ẹ kàn fi ìwé báńkì yín ránṣẹ́ ní ìparí oṣù.” Irú ìpolówó báyìí pọ̀ lóde, púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ ni ó sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó jáde ní yunifásítì bíi tiwa. Ọwọ́ ìyá wa dí lóòótọ́. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n ń na aṣọ, tí wọ́n ń ká aṣọ, tí wọ́n sì ń bá oníbàárà ná ọjà. Nítorí náà wọ́n gbà.

Nígbà tí oṣù parí, àbọ̀ dé. Wọ́n ní ọjà tí ìyá tà jẹ́ ₦2,400,000, ìnáwó jẹ́ ₦1,950,000, èrè sì jẹ́ ₦450,000. Ìyá wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá jèrè tó báyìí, kí ló dé tí aṣọ inú ìsọ̀ mi ń dín kù?” Ìbéèrè yẹn ni ó mú kí èmi àti wọn jókòó ti ìwé báńkì náà ní ọjọ́ Àìkú kan.

A kọ́kọ́ wo ₦2,400,000 tí wọ́n pè ní ọjà títà. ₦1,300,000 péré nínú rẹ̀ ni owó aṣọ tí wọ́n tà lóṣù náà. ₦450,000 jẹ́ owó èsúsú: àwọn obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n ń dá ₦50,000, ìyá sì ni olórí wọn. Owó àwọn mẹ́sàn-án yòókù gba inú àpò báńkì ìyá kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó kàn láti kó o. ₦250,000 jẹ́ gbèsè tí àwọn oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ san lórí aṣọ tí wọ́n ti gbà lóṣù tí ó ṣáájú. ₦400,000 tí ó kù, ẹ̀yáwó ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó yá ìyá. Ẹ gbọ́ o, gbèsè tí ìyá yóò san padà ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ọjà tí wọ́n tà!

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kò sí. Ìyá ta aṣọ ₦500,000 tí wọ́n san lówó sí wọn lọ́wọ́, tí kò dé báńkì rárá. Wọ́n tún ta ti ₦200,000 láwìn. Bí a bá ro ₦1,300,000 àti ₦500,000 àti ₦200,000 pọ̀, ọjà tí wọ́n tà ní tòótọ́ jẹ́ ₦2,000,000.

Lẹ́yìn náà ni a wá iye tí wọ́n ra aṣọ tí wọ́n tà yìí. Báńkì kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe gbogbo aṣọ tí a rà lóṣù kan ni a ń tà lóṣù náà. Aṣọ tí ó wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀, ní iye tí wọ́n rà á, jẹ́ ₦1,800,000. Wọ́n ra ti ₦1,400,000 kún un. Nígbà tí a ka èyí tí ó ṣẹ́kù ní ìparí oṣù, ó jẹ́ ₦1,500,000. Èyí fi hàn pé aṣọ tí ó jáde ná wọn ní ₦1,700,000. A yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,000,000, ó ku ₦300,000. Owó ìsọ̀, owó ọmọ ìsọ̀, owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó àwọn oníṣirò fúnra wọn jẹ́ ₦180,000. Èrè tí ó kù jẹ́ ₦120,000.

Ṣùgbọ́n ìyá ti mú ₦190,000 lọ sílé lóṣù náà, fún oúnjẹ àti owó iléèwé. Wọ́n ti jẹ ₦70,000 nínú ojú-owó. Owó tí wọ́n yá ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwé tí ó yẹ kí ó mú ìyá wẹ̀yìn ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó orí tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Owó-Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, a kì í gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí ẹnì kan san owó orí lé lórí lọ́dún. Ìdá 15 nínú 100 ni ti ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì ni ti ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bí oṣù méjìlá bá rí bákan náà, èrè tòótọ́ yóò jẹ́ ₦1,440,000, owó orí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦96,000. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé àwọn oníṣirò, èrè di ₦5,400,000, owó orí sì di ₦762,000. Ìyá yóò san owó orí lórí èsúsú àwọn ẹlòmíràn àti lórí gbèsè.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀bi ìyá ni, nítorí wọn kò ṣàlàyé. Nígbà tí a pe àwọn oníṣirò náà, ohun tí wọ́n fi dá wa lóhùn nìyẹn, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́: “Ohun tí báńkì sọ ni a kọ.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún ìyá pé ìwé báńkì nìkan tó? Ìpolówó náà ni. Èrò mi ni pé a lè fi owó ra iṣẹ́ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bá wa rí ohun tí ojú tiwa nìkan rí. Ìyá nìkan ni ó mọ owó tí ó jẹ́ ti èsúsú àti aṣọ tí ó jáde láwìn.

Èmi kò sọ pé kí oníṣòwò má gba oníṣirò. Ìyá wa kò lé wọn. Wọ́n ra ìwé kékeré kan sí ìsọ̀, wọ́n ń kọ ọjà tí wọ́n tà lówó, ọjà tí wọ́n tà láwìn, àti owó tí wọ́n mú lọ sílé. Wọ́n ṣí àpò báńkì mìíràn fún èsúsú. Ní ọjọ́ tí oṣù bá parí, àwọn àti ọmọ ìsọ̀ yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò ka aṣọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ àti alẹ́ kan lóṣù. Àbọ̀ oṣù kejì bá ohun tí wọ́n fi ojú rí nínú ìsọ̀ mu.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá jáde tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ìpolówó yín sọ báyìí: “Ẹ máa kọ ohun tí ojú yín rí, ẹ máa ka ọjà yín lóṣooṣù, àwa yóò ṣe ìyókù.” Ó lè má dùn létí tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí á gbà pé ó mọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba owó ìṣirò lọ́wọ́ ìyá yín láìbéèrè iye aṣọ tí ó wà nílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì sanwó.