Ìyìn Kò Tó Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ìkẹjà àti Agége

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ènìyàn bá gba Ọ̀pópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tó kọjá sí Ògbà, tó sì ti ibẹ̀ wọ Agége, kò ní í rí pátákó oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó sọ pé iṣẹ́ òun kò dára. Ọ̀gá ni gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà iléeṣẹ́ ńlá kì í fi í tìtorí pátákó gbé iṣẹ́ fún àlejò. Ohun tó máa ń béèrè ni pé: “Ta lẹ ti ṣe irú rẹ̀ fún rí?” Ìbéèrè yìí ti dá ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ dunjú padà sílé. Kì í ṣe pé wọn kò ní oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn, wọn kò ní ohun kan lọ́wọ́ tó fi í hàn ni.

Lójú tèmi, àwa gan-an la fa díẹ̀ nínú ìṣòro náà. Yin ni yin ni kí ẹni lè ṣe òmíràn ni Yorùbá wí, àwa sì ti gbà pé ibẹ̀ ni ìyìn parí sí. Oníbàárà á ní, “Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín,” a óò ṣe àmín, a óò kó irinṣẹ́ wa, ó parí. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n àjèjì kò lè yẹ àdúrà wò. Ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ní ọjọ́, tó ní iye, tó ní orúkọ, tí ẹni tí kò mọ̀ wá rí sì lè fi ìpè kan ṣoṣo wádìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tó ń ríwáyà mọ́tò iná ní Agége ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan tó ní ilé búrẹ́dì pè é nítorí mọ́tò ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin méje ààbọ̀. Mọ́tò náà ti jó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Àwọn tó ti wá ṣe é tẹ́lẹ̀ ń ríwáyà rẹ̀, wọ́n ń gbowó, wọ́n sì ń lọ. Ọkùnrin yìí kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jó o. Ó rí i pé nínú okùn iná mẹ́ta tó ń wọ ilé náà, ọ̀kan a máa kú láìròtẹ́lẹ̀. Mọ́tò a wá máa fi méjì tó kù ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ a gbóná, wáyà inú rẹ̀ a sì jó. Ó ríwáyà mọ́tò náà, ó sì fi ohun èlò kékeré kan síbẹ̀ tó máa ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí okùn kan bá ti kú.

Ìgbà méjì ló yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá yìí. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó gbé iṣẹ́ fún un: kí ìyá náà fọwọ́ sí ìwé kékeré tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, àti pé mọ́tò náà ṣiṣẹ́ lójú òun. Èyí nìkan kò tó, nítorí pé mọ́tò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wáyà rẹ̀ lè yí dáadáa lónìí kí ó tún jó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, kí ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti jẹ́rìí ara rẹ̀, tí ìyá náà kò sì tíì gbàgbé ìyà tó jẹ ẹ́.

Kí ó má ṣe sọ pé, “Ẹ bá mi kọ nǹkan tó dára nípa iṣẹ́ mi.” Ẹni tí a bá bẹ báyìí yóò kọ pé “ó mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù”, ọ̀rọ̀ tí a lè sọ nípa télọ̀ tàbí awakọ̀. Kí ó béèrè báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó pè mí? Kí ló kọ yín lóminú nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí mi? Kí lẹ rí pé mo ṣe? Báwo ló ṣe rí báyìí?” Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ó kà á fún un, kí ìyá sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò gba àṣẹ: ṣé òun lè fi ìwé yìí han ẹlòmíràn, ṣé wọ́n sì lè pe ìyá náà lórí fóònù? Bí ó bá ní kí wọ́n má dárúkọ òun, kí a pa á mọ́. Kí a má sì torí ọ̀rọ̀ yìí dín owó iṣẹ́ kù fún un, nítorí ìyìn tí a fi owó rà kì í ṣe ẹ̀rí mọ́.

Ohun tí yóò jáde kò ní í ju èyí lọ: “Mọ́tò mi jó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Mo rò pé owó lòun náà wá gbà. Òun ló fi hàn mí pé iná ló ń jó o. Láti oṣù mẹ́ta, kò tíì jó mọ́.” Ẹ wo gbólóhùn kejì dáadáa. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ yọ kúrò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń mú kí àjèjì gba ìyókù gbọ́, nítorí pé iyèméjì kan náà ló wà lọ́kàn tirẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ ọ̀rá kan ní Ògbà bá wá ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú mọ́tò tó ń jó léraléra, ìwé yìí ni kí ó wà lókè, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìparí iṣẹ́ àti àwòrán ohun èlò tí ó fi síbẹ̀. Kò sí ìdí láti kó ogún ìwé ìyìn lọ. Ọ̀kan tó bá ìṣòro ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ mu ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ibi tí ẹ̀rí náà dé. Mọ́tò ẹṣin méje ààbọ̀ kò jẹ́rìí sí mọ́tò ọgọ́rùn-ún ẹṣin. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó tọrọ èyí tó kéré láti fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba tún le ju èyí lọ. Òfin Ìrajà Ìjọba ti ọdún 2007 béèrè pé kí agbaṣẹ́ṣe fi hàn pé òun ní ìmọ̀ àti agbára iṣẹ́ náà. Ìkéde tí wọ́n máa ń gbé jáde sábà máa ń béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún un àti ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́. Ohùn tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù kò lè rọ́pò ìwé tó ní òǹtẹ̀ iléeṣẹ́.

Ẹ̀rí a sì máa gbó. Iléeṣẹ́ Dúnlọ́ọ̀pù dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Ta ni àjèjì fẹ́ pè lónìí láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe níbẹ̀ nígbà náà? Ẹnjiníà náà a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà a máa yí padà. Kí a gba orúkọ ipò àti nọ́ńbà ọ́fíìsì pẹ̀lú ti ẹni náà, kí a sì máa pè wọ́n lọ́dọọdún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó rọrùn jù láti jókòó kọ ọ́ fúnra ẹni. Ọwọ́ kan náà ló sábà máa ń hàn nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà, kò sí ọjọ́, fóònù kò sì wọlé. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá lòdì sí kí a fi irọ́ tan oníbàárà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ẹnjiníà méjì ní Ọba Akran a sì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó ṣe òtítọ́ kò gba ju ìwé kan, bírò kan, àti pé kí a padà sọ́dọ̀ oníbàárà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.