Iye tí mo fẹ́ gbà kọ́ ni iye tí mo máa ń pè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kí télọ̀ inú ọgbà lẹ iye mọ́ ògiri, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná an, ẹ ò tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan yọ nínú iye tí mo pè á gbà pé mo ti rẹ́ òun jẹ ni. Wọ́n á ná an dandan. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni pé kí n ti mọ ibi tí ìnáwó náà máa dé kí n tó la ẹnu.

Ní sáà tó kọjá, mo rán gáùn 12 tó jẹ́ irú kan náà. Oníbàárà ló ń mú áńkárá tirẹ̀ wá. Ìnú aṣọ, síìpù, gọ́ọ̀mù àti òwú inú gáùn kan jẹ́ ₦3,500. Epo jẹnẹrétọ̀ àti ìlọṣọ jẹ́ ₦1,500. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mo fi ń rán an, mo sì ka ọjọ́ kan sí ₦4,000, iye tí mo máa san fún ẹlòmíì tí mo bá gbé iṣẹ́ náà fún. Ìyẹn ₦6,000. (Ọ̀pọ̀ wa kì í ka tọwọ́ ara wa rárá, a ó wá máa pe owó iṣẹ́ ara wa ní èrè.) Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦11,000. Mo fi èrè ₦3,000 lé e, ó di ₦14,000. Iye yìí ni mo fẹ́ kó wọ ọwọ́ mi.

Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń yọ nǹkan bí ìdá márùn-ún, ìyẹn ₦20 nínú ₦100. Mo wá fi ìdá márùn-ún ₦14,000 lé e lórí, mo pè é ní ₦16,800. Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n inú ₦16,800 ni oníbàárà ti ń yọ tirẹ̀, kì í ṣe inú ₦14,000. Ìdá márùn-ún ₦16,800 jẹ́ ₦3,360, ohun tó wá kù ni ₦13,440. Lórí gáùn 12, ₦6,720 ti sọnù, ju èrè gáùn méjì lọ.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí n fi 0.8 pín ₦14,000. Ìyẹn jẹ́ ₦17,500. Tí wọ́n bá yọ ìdá márùn-ún, ₦14,000 ló kù gẹ́lẹ́. Inú ìwé ni mo ti rí 0.8 yẹn: mo máa ń kọ iye tí mo pè àti iye tí mo gbà síwájú orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Mo ro gbogbo owó tí mo gbà pọ̀, mo sì fi gbogbo owó tí mo pè pín in. Ẹni tó ń rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ lè rí 0.9. Ẹ má yá tèmi lò.

Èyí tó ń pani jù ni ẹ̀dínwó tó ń tẹ̀ lé ìnáwó. Oníbàárà á ti ná an dé ₦14,000 tán, á wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwa márùn-ún la fẹ́ rán an o, ẹ bá wa yọ ₦10 nínú ₦100.” Létí, kò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ₦1,400 ni, inú èrè ₦3,000 ló sì ti máa jáde, nítorí oníṣíìpù kò ní dín tirẹ̀ kù fún mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èrè. Gígé aṣọ irú kan náà papọ̀ máa ń dín àkókò kù lóòótọ́, ìṣirò mi sì ni pé ó máa ń yọ nǹkan bíi ₦800 lórí gáùn kan. Torí náà, mo lè yọ ₦500 fún wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹnì kan bá ní ₦12,000 ni gbogbo owó òun, mi ò ní bá a jà. Màá ní ká yọ ìnú aṣọ tó jẹ́ ₦2,400 kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wá owó kún un. Ẹni tó bá ń wá ènì nìkan, màá fi ìrépé áńkárá rẹ̀ rán ìdirun fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.

Lóòótọ́, ₦17,500 lè lé àwọn kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó sì dákẹ́, tó yí padà láìdá iye kankan lé e, òun ni mo ń kọ àmì pupa sí. Tí àmì náà bá ti ń pọ̀ nínú ìwé, iye àkọ́kọ́ ti ga jù fún agbègbè wa, màá sì wá ibi tí ₦11,000 yẹn ti lè dínkù. Tí wọ́n bá sì ń sanwó láìná an rárá, ó ti kéré jù nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìgbà ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ẹ̀gbọ́n yín kan sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú mi ò sì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.